Èló gan-an lo ra ṣíà rẹ? Àárín owó ìrà àti èrè orí ìwé

Tó o bá ra ṣíà ilé-iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, o mọ iye tó o rà á. Ọ̀rọ̀ á lọ́jú pọ̀ lọ́jọ́ tó o bá tún ra òmíràn kún un ní iye tó yàtọ̀. Ká ní o ra 1,000 ní náírà 20, nígbà tó yá o tún ra 3,000 ní náírà 26. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé èló lo rà á, ọ̀pọ̀ èèyàn á ro 20 pọ̀ mọ́ 26, wọ́n á pín in sí méjì, wọ́n á ní náírà 23. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ìyá tó ń ta ẹ̀wà kò jẹ́ ṣe irú ìṣirò yẹn. Bó bá ra àpò kan ní pọ́ọ́kú, tó sì ra àpò mẹ́ta lówó gọbọi, ó mọ̀ pé èyí tó wọ́n ló pọ̀ jù nínú ọjà òun. Gbogbo owó tó jáde lápò rẹ̀ ló máa kó jọ, á wá pín in sí iye àpò tó wà nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ṣíà. Náírà 20,000 ló kọ́kọ́ jáde, 78,000 tẹ̀ lé e, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 98,000. Pín in sí 4,000, wàá rí náírà 24.50.

Ó ku owó alágbàtà. Ní ọjà ṣíà Èkó, alágbàtà ń gba owó tirẹ̀, àwọn owó kéékèèké mìíràn sì wà lórí ìwé tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí ọ lẹ́yìn tó o ra ọjà. Ká ní ó jẹ́ náírà 340 nígbà àkọ́kọ́ àti 1,260 nígbà kejì. Owó rẹ ló jáde, ó yẹ kó wọ inú ìṣirò. Àpapọ̀ di 99,600, àárín owó ìrà sì di náírà 24.90. Èyí ni iye tí mo gbà gbọ́.

Nínú Excel, ya ìlà kan sọ́tọ̀ fún ìrà kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ wà ní A, iye ṣíà ní B, owó ẹyọ kan ní C, owó alágbàtà àti àwọn yòókù ní D. Ní E2, kọ `=B2*C2+D2`, kó o sì fà á sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, kọ ìwọ̀nyí sí H1, H2 àti H3 ní tẹ̀léǹtẹ̀lé:

```
=SUM(B2:B50)
=SUM(E2:E50)
=H2/H1
```

Fi iye tí ọjà wà lónìí sí H4. Ní H5, kọ `=H1*(H4-H3)`.

H5 yìí ni èrè orí ìwé, ìyẹn èrè tàbí àdánù tó wà níbẹ̀ nígbà tó ò tíì ta nǹkan kan. Wò ó bí ọjà bá wà ní náírà 24. Ẹni tó gbà pé náírà 23 lòun rà á á rò pé òun ti jèrè 4,000. H5 yóò sọ fún ọ pé o ti pàdánù 3,600.

Bí H5 bá tiẹ̀ fi èrè hàn, rántí pé wàá san owó alágbàtà nígbà tó o bá ń tà náà. Ní náírà 25.10, H5 á fi èrè 800 hàn. Bí owó tí wọ́n máa gbà lórí títà bá jẹ́ 1,800, àdánù 1,000 ló máa kù sí ọ lọ́wọ́.

Ibi tí ìwé ìṣirò ti sábà máa ń bàjẹ́ ni ìgbà tó o bá ta díẹ̀ nínú rẹ̀. Ká ní o ta 1,000 ní náírà 30. Àwọn kan á yọ 30,000 kúrò nínú 99,600, wọ́n á pín 69,600 tó kù sí 3,000, àárín owó á wá di 23.20. Wọ́n ti fi èrè ọjà tí wọ́n tà bo owó tí wọ́n fi ra ìyókù mọ́lẹ̀. Iye tó o rà á ló yẹ kó o yọ, kì í ṣe iye tó o tà á. Lórí ìlà títà, kọ `-1000` sí B àti `-24900` sí E. Fi nọ́ńbà gan-an síbẹ̀, má fi H3 ṣe ìṣirò rẹ̀, torí H3 fúnra rẹ̀ ń ka E, Excel á sì kìlọ̀ fún ọ pé ìṣirò náà ń yí po lójú kan. Èrè 5,100 tó o jẹ, kí wọ́n tó yọ owó títà, ní òpó tirẹ̀ ní F. 74,700 ló kù ní H2, 3,000 ní H1, H3 ò sì kúrò ní 24.90. Bó bá yí padà lẹ́yìn títà, ìlà títà yẹn ni kó o padà lọ yẹ̀ wò.