Okùn Gìtá Tuntun: Kí Ló Ń Fa Ohùn Rẹ̀ Wálẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mo pààrọ̀ okùn irin gìtá onígi mi ní alẹ́ Sátidé, mo sì yí gbogbo rẹ̀ dé ohùn tó yẹ. Kí a tó kọ orin kejì tán ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn ti já wálẹ̀. Mo tún un yí, ó tún já. Ṣé ayédèrú okùn ni wọ́n tà fún mi ni?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kí okùn yín má ní àbùkù kankan. Irin kì í ṣe rọ́bà: bí ẹ bá yí i dé ohùn rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ní gígùn tó wà. Ibi méjì tí ẹ so ó mọ́ ló ń tú díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ìdí rẹ̀ lábẹ́ bíríìjì àti ibi tó wé mọ́ òpó kékeré tó wà ní orí gìtá, lókè ọrùn rẹ̀.

Ìtúsílẹ̀ náà kéré débi pé ojú kò lè rí i. Ẹ wo okùn kejì láti ìsàlẹ̀, èyí tí túnà ń pè ní B. Bí ẹ bá ra okùn tí èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù nínú rẹ̀ jẹ́ 0.012 íǹṣì, B sábà máa ń jẹ́ 0.016. Láti ìgbà tó ti dẹ̀ títí tó fi dé ohùn, gbogbo ohun tó fi gùn sí i kò ju nǹkan bíi milimítà 3 lọ. Nítorí náà, bí ìdá kan nínú mẹ́ta milimítà kan péré bá tú sílẹ̀ lára òpó, ohùn rẹ̀ á fi fírẹ́ẹ̀tì kan gbáko lọ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí bí a ṣe so okùn fi ṣe pàtàkì ju fífà á lọ.

Ẹ kọ́kọ́ dẹ okùn àtijọ́ kí ẹ tó gé e. Láti yọ èèkàn bíríìjì, ẹ má fi páláyà fà á tipátipá, ó máa ń ha á, ó sì lè ṣẹ́ ẹ. Ẹ ki ọwọ́ bọ ojú ihò gìtá, kí ẹ tì í sókè láti abẹ́.

Nídìí okùn tuntun ni ìlẹ̀kẹ̀ irin kékeré kan wà. Ẹ tẹ okùn díẹ̀ lókè ìlẹ̀kẹ̀ yìí kí ẹ tó kì í bọ ihò, kí ìlẹ̀kẹ̀ lè yà sí ẹ̀gbẹ́ dípò kó jókòó sórí ẹnu èèkàn. Ẹ fi èèkàn sí i, kí ojú kòtò ara rẹ̀ kọ sí ọ̀dọ̀ ọrùn gìtá, torí inú kòtò náà ni okùn ń gbà jáde. Bí ẹ ṣe ń fi àtàǹpàkò tẹ èèkàn mọ́lẹ̀, ẹ máa fi ọwọ́ kejì fa okùn sókè títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lára pé ìlẹ̀kẹ̀ ti gbá pákó abẹ́ bíríìjì, kò sì lọ mọ́. Bí èèkàn bá ń yọ sókè nígbà tí ẹ bá ń yí okùn, ẹnu rẹ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀ wà. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ tún un ṣe, ẹ má kàn tẹ̀ ẹ́ padà.

Ó wá ku òpó. Ẹ yí i kí ihò rẹ̀ kọjú sí okùn, ẹ ti okùn bọ̀ ọ́, ẹ fà á le, lẹ́yìn náà kí ẹ dá nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 padà. Òpó náà nípọn tó bíi milimítà 6, ìyíká okùn kan lára rẹ̀ sì ń jẹ bíi sẹ̀ǹtímítà 2, nítorí náà 5 á fún yín ní ìyíká méjì àbọ̀. Sẹ̀ǹtímítà 4 tó fún àwọn okùn tó nípọn. Fún méjì tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, 6 ló dára, torí irin tó ń dán tí a kò fi nǹkan wé lára máa ń yọ̀ bí ìyíká rẹ̀ bá kéré. Ẹ máa fi ọwọ́ kan fa okùn le bí ẹ ṣe ń yí kọ́kọ́rọ́, kí ìyíká kọ̀ọ̀kan bọ́ sí abẹ́ èyí tó ṣáájú. Bí ọ̀kan bá gorí òmíràn, ti òkè á máa tẹ ti ìsàlẹ̀ wọlé nígbà tí ẹ bá ń lù ú, ohùn á sì máa já. Ẹ má gé ìrù okùn títí yóò fi dé ohùn, pàápàá èyí tí wọ́n fi wáyà wé lára, torí wáyà ara rẹ̀ lè tú.

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí a máa fa okùn tuntun. Báwo ni mo ṣe máa fà á tí kò fi ní já?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ yí i dé ohùn. Ẹ fi ìka gbá a mú ní fírẹ́ẹ̀tì kejìlá, kí ẹ gbé e kúrò lára gìtá ní bíi sẹ̀ǹtímítà kan, jẹ́jẹ́, fún ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ má já a gbà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní fírẹ́ẹ̀tì karùn-ún àti lójú ihò, kí ẹ sì wo túnà. Ohùn okùn B yẹn lè ti wálẹ̀ sí B♭, nígbà mìíràn ó lè dé A. Ẹ yí i padà sókè, ẹ tún un fà. Lẹ́ẹ̀kejì, wíwálẹ̀ rẹ̀ á kéré. Nígbà tí ẹ bá fà á tí ojú túnà kò sì yẹ̀, ó parí. Ó sábà máa ń gbà tó ìgbà mẹ́ta sí márùn-ún. Bí ohùn bá ṣì ń já wálẹ̀ gan-an lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi fífà sílẹ̀, kí ẹ padà lọ wo èèkàn àti òpó.

Okùn E tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ó wà lára àwọn tó súnmọ́ ibi tí irin ti ń já, nítorí náà ìdajì sẹ̀ǹtímítà tó o.

Ìgbà gbogbo ni kí ẹ máa ti ìsàlẹ̀ gun ohùn. Bí ẹ bá kọjá rẹ̀, ẹ dẹ̀ ẹ́ kọjá sísàlẹ̀, kí ẹ tó gòkè padà. Eyín inú kọ́kọ́rọ́ ní àyè díẹ̀ láàárín ara wọn. Bí ẹ bá dúró nígbà tí ẹ ń dẹ̀ ẹ́, àyè yẹn ṣì wà níbẹ̀, okùn á sì fà á dí nígbà tí ẹ bá ń lù ú. Lẹ́yìn tí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá parí, ẹ tún gbogbo wọn yẹ̀ wò, torí bí ọ̀kan ṣe ń le ló ń tẹ ọrùn gìtá díẹ̀, tí àwọn yòókù sì ń rọ̀.

Ìbéèrè: Bí mo ṣe ń yí i, ó ń dún “tíǹ”, ohùn á sì fò lẹ́ẹ̀kan náà. Kí nìyẹn?

Ìdáhùn: Okùn ń há sínú kòtò egungun tó wà ní orí ọrùn. Apá ibi kọ́kọ́rọ́ á ti le, apá tí ẹ ń lù kò tíì gbọ́, àfi ìgbà tó bá yọ lójijì. Ẹ dẹ okùn, ẹ gbé e kúrò nínú kòtò, kí ẹ fi ẹnu pẹ́ńsù kùn ún nínú. Èédú pẹ́ńsù a máa jẹ́ kó yọ̀. Bí ó bá ṣì ń dún, ó ṣeé ṣe kí okùn tuntun nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kòtò sì ti dín jù fún un. Oníṣẹ́ gìtá ló yẹ kó gbẹ́ ẹ, torí bí a bá gbẹ́ ẹ jù, okùn á máa gbá fírẹ́ẹ̀tì.

Ìbéèrè: Ṣé bákan náà ni fún gìtá olókùn náílọ́ọ̀nù?

Ìdáhùn: Rárá. Náílọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ ń gùn sí i fún ọjọ́ mélòó kan, bó ti wù kí ẹ fà á tó, nítorí náà ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní àárín ọ̀sẹ̀, kì í ṣe ní alẹ́ Sátidé. Kò sì sábà ní ìlẹ̀kẹ̀. Ńṣe la ń ta á ní kókó mọ́ bíríìjì. Ẹ má sì fi okùn irin rọ́pò rẹ̀ lórí gìtá bẹ́ẹ̀, torí agbára irin pọ̀ débi tó fi lè fa bíríìjì ya.