“A ó rí sí i” kì í ṣe èsì

Àròyé tí oníbàárà kan kọ sí àwa olùtajà kúrú. Ó wọlé ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun: “Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ yọ owó nínú àkáǹtì mi fún ọjà kan ṣoṣo. Mo ti kọ̀wé sí yín lánàá, ẹnikẹ́ni kò dá mi lóhùn. Ẹ dá owó mi padà lónìí.” Òṣìṣẹ́ tuntun tí mò ń kọ́ níṣẹ́ ka ìwé yìí, kò sì tó ìṣẹ́jú méjì tó fi kọ èsì tirẹ̀ sílẹ̀: “Ẹ má bínú, Mà. A ti gbọ́ yín, a ó rí sí i. Owó yín yóò padà láàárín wákàtí 24.”

Orí ló yọ wá pé mo kà á kó tó fi ránṣẹ́. Ó rò pé òun ti ṣe dáadáa, torí ó yára, ó bẹ̀bẹ̀, ó sì dá àkókò. Mo bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan péré: “Ta ló sọ fún ẹ pé owó náà wà lọ́wọ́ wa?” Kò rí èsì fọ̀.

Kí n tó sọ bí a ṣe tún èsì náà kọ, ó yẹ kí n ṣàlàyé bí owó káàdì ṣe ń rìn, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ènìyàn bá fi káàdì ra nǹkan, ìgbésẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Báńkì rẹ̀ á kọ́kọ́ ya owó náà sọ́tọ̀, kò ní jẹ́ kó lè ná an mọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó ta ọjà á wá gba owó ọ̀hún. Tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá já láàárín méjèèjì, tí oníbàárà sì tún tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kejì, báńkì lè ya owó sọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀mejì nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni olùtajà gbà á. Lójú oníbàárà, owó ti lọ lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ìwé olùtajà, ẹ̀ẹ̀kan ló wọlé. Àwọn méjèèjì ni wọ́n sọ òótọ́.

Ìyàtọ̀ yìí ló ń sọ ohun tí èèyàn lè ṣèlérí. Bí a bá ti gba owó náà lẹ́ẹ̀mejì ní tòótọ́, àwa la máa dá ọ̀kan padà. Bí ó bá jẹ́ pé báńkì ló ṣì di ìkejì mú, kò sí owó kankan lọ́wọ́ wa tí a fẹ́ dá padà. Báńkì ni yóò tú u sílẹ̀. Mo ti rí ibi tí òṣìṣẹ́ kan ti sáré ṣèlérí bíi ti tuntun yìí, tó wá dá owó kan ṣoṣo tí wọ́n gbà padà kó má bàa parọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, báńkì tú ìkejì sílẹ̀. Oníbàárà gba ọjà, ó tún gba gbogbo owó rẹ̀, wọ́n sì ní láti kọ̀wé sí i pé kó jọ̀ọ́ tún wá sanwó. Ẹ fojú inú wo irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, kí ọwọ́ tó kan èsì, a fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá wo ohun tó wà nílẹ̀. A rí i pé ọjọ́ Àìkú ló ra ọjà náà, pé ìwé rẹ̀ ti ọjọ́ Ajé wọlé lóòótọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ṣí i, àti pé ìsanwó kan ṣoṣo ló hàn lọ́dọ̀ wa. A kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ń gba owó káàdì fún wa pé kí wọ́n bá wa wá ìkejì. A kò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àmọ́ èèyàn kò gbọ́dọ̀ dúró dìgbà tó bá mọ ohun gbogbo kó tó dáhùn. Ohun tí a kọ nìyí:

“Ẹ káàárọ̀, Mà. A rí ìwé yín ti àná àti ti òní. Ẹ sọ pé ẹ ra ọjà kan lọ́jọ́ Àìkú, owó rẹ̀ sì kúrò nínú àkáǹtì yín lẹ́ẹ̀mejì. Ó yẹ kí a ti dá yín lóhùn lánàá, a kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe wa nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì wá.

“Ìsanwó kan là ń rí lọ́dọ̀ wa báyìí. Ó ṣeé ṣe kí ìkejì wà ní báńkì yín tí a kò tíì rí i, ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ilé iṣẹ́ tó ń gba owó káàdì fún wa yẹ̀ ẹ́ wò. Kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, Ọjọ́rú, tó lù, a ó kọ̀wé sí yín, bí wọ́n ti fèsì o, bí wọn kò fèsì o.

“A kò lè sọ pé owó náà á padà lónìí. Bó tiẹ̀ jẹ́ pé àwa la gbà á, tí a sì dá a padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó sábà máa ń tó ọjọ́ iṣẹ́ 5 sí 10 kí báńkì yín tó jẹ́ kó hàn nínú àkáǹtì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára káàdì yín ránṣẹ́. Ẹ má fi gbogbo nọ́ńbà káàdì náà tàbí nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ránṣẹ́, kódà sí àwa.”

Ẹ wo ibi tí ẹ̀bẹ̀ wà. A tọrọ àforíjì fún ohun tí a mọ̀ dájú pé a jẹ̀bi rẹ̀, ìyẹn ìwé tí a kò dáhùn. A kò tọrọ àforíjì pé a yọ owó lẹ́ẹ̀mejì, torí a kò tíì mọ̀ bóyá a ṣe é. A kò sì sọ pé “bó bá jẹ́ lóòótọ́ ni ohun tí ẹ sọ”, torí ẹni tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn mọ̀ pé wọ́n ń pe òun ní onírọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni a tún sọ fún un, bó ṣe sọ ọ́, kó lè rí i pé ẹnì kan kà á. Ní ti “ẹ má bínú”, mi ò kórìíra rẹ̀, àmọ́ tó bá dá dúró, ńṣe ló ń sọ fún ẹni tí inú ń bí pé kó gbé ìbínú sọ sílẹ̀, láì sọ ohun tí àwa fẹ́ ṣe. “A ó rí sí i” tún wá burú jù. Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí kò ní rí sí nǹkan kan.

Ìlérí kan ṣoṣo ló wà nínú èsì yẹn, ìyẹn ni pé a ó kọ̀wé kí aago mẹ́rin ọ̀la tó lù. Èyí wà lọ́wọ́ wa pátápátá. Ìgbà tí owó máa wọlé kò sí lọ́wọ́ wa, nítorí náà a sọ bó ṣe sábà máa ń rí, a sì jẹ́ kó hàn pé báńkì ló ni í. Bí èèyàn bá po àkókò méjèèjì pọ̀, ó ti gbé ẹrù báńkì lé orí ara rẹ̀ nìyẹn. A dá ọjọ́, a sì dá aago, torí “wákàtí 24” máa ń fa àríyànjiyàn: ṣé láti ìgbà tí mo kọ̀wé ni, àbí láti ìgbà tí ẹ kà á, ṣé ọjọ́ Àìkú wà nínú rẹ̀?

Báwo la ṣe mú aago mẹ́rin? Ilé iṣẹ́ ọ̀hún sábà máa ń dá wa lóhùn kí ọ̀sán ọjọ́ kejì tó pé. A fi wákàtí díẹ̀ kún un nítorí ìdíwọ́. A lè sọ pé ọ̀sẹ̀ kan kí ọkàn wa balẹ̀, àmọ́ ẹni tí owó rẹ̀ sọnù kò ní dúró fún ọ̀sẹ̀ kan kó tó gbọ́ ohùn wa, yóò gba báńkì lọ.

Ní Ọjọ́rú, aago kan ọ̀sán, èsì dé: báńkì ló di ìkejì mú. Gbólóhùn tó rọrùn láti kọ ni “Owó yín kò sí lọ́dọ̀ wa.” Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ẹni ti ilẹ̀kùn mọ́ onítọ̀hún ni. A sọ fún un pé ohun tó rí nínú àkáǹtì rẹ̀ jẹ́ òótọ́, a ṣàlàyé ìgbésẹ̀ méjèèjì yẹn ní gbólóhùn mẹ́ta, a sì sọ pé irú owó bẹ́ẹ̀ sábà máa ń padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé báńkì kọ̀ọ̀kan ní ìṣe tirẹ̀. A ní a ó tún kọ̀wé sí i láàárọ̀ ọjọ́ Ajé láti béèrè. Bó bá jẹ́ pé àwa la gbà á lẹ́ẹ̀mejì ni, ọjọ́ tí a dá a padà la máa kọ síbẹ̀, àti nọ́ńbà gígùn tí ilé iṣẹ́ káàdì fi ń tọpa owó tí a dá padà, kó lè fi í han báńkì rẹ̀ bí kò bá rí i.

Lọ́jọ́ Ajé, owó kò tíì padà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sá pamọ́, wọ́n á dúró kí oníbàárà bínú kọ̀wé. A ti kọ sí i kó tó kọ sí wa. A kò tún dá ọjọ́ mìíràn fún báńkì, torí a ti rí i pé a kò mọ ọjọ́ tirẹ̀. A fi ìwé kan ránṣẹ́ tó lè mú tọ báńkì lọ: ọjọ́ àti aago ìsanwó náà, iye rẹ̀, nọ́ńbà tí báńkì fi fọwọ́ sí i, àti gbólóhùn kan pé àwa olùtajà kò gba owó náà, a kò sì ní gbà á. Ìwé yẹn ni báńkì ń wá kí wọ́n tó lè tú irú owó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú àkókò.

Ohun kan wà tí a tún fi kún un, tí mo máa ń rí i pé àwọn ènìyàn ń gbàgbé. A bẹ̀ ẹ́ pé bó bá ti fi ẹjọ́ wa sun báńkì pé òun kò mọ̀ nípa ìsanwó náà, kó sọ fún wa. Tí báńkì bá ń gba owó lọ́wọ́ wa nítorí ẹjọ́, tí àwa náà sì ń dá a padà lápá kan, owó kan náà lè lọ lẹ́ẹ̀mejì, ìtúsílẹ̀ rẹ̀ á sì gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. A kò halẹ̀ mọ́ ọn pé kó má lọ sí báńkì. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. A kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Ní Ọjọ́bọ̀ ó kọ ìlà kan sí wa: “Ó ti wọlé. Ẹ ṣé.” Òṣìṣẹ́ tuntun náà ló ti àròyé yẹn pa.