Kí ló wà nídìí “Ẹ wá bá wa ní DM”?

Àwòrán ojú fóònù kan ń yí kiri lórí WhatsApp. Obìnrin kan tó ń gbé Ìbàdàn ra bàtà lọ́wọ́ ilé ìtajà kan l'Ékòó. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n dá fún un, ó ti di ọjọ́ mẹ́sàn-án, ló bá rojọ́ lábẹ́ àwòrán ọjà wọn níṣojú gbogbo ayé. Èsì tí wọ́n fún un kò ju báyìí lọ: “Ẹ má bínú mà, ẹ wá bá wa ní DM.” Láti ìgbà náà, àtọlọ́jà àtoníbàárà ló ń jiyàn lórí èsì yẹn. Àwọn kan ní gbájúẹ̀ ni, àwọn kan ní ọmọlúàbí ni wọ́n. Àwọn ìbéèrè tó tẹ̀ mí lọ́wọ́ nìyí.

Ṣé kì í ṣe torí kí ẹ̀bi wọn má hàn ni wọ́n ṣe ń pe èèyàn sí kọ̀rọ̀?

Nígbà mìíràn, òun náà ni. Àmọ́ ìdí gidi kan wà níbẹ̀. Kí wọ́n tó lè wá ẹrù kan rí láàárín ọgọ́rùn-ún ẹrù, wọ́n nílò orúkọ ẹni tó rà á, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, àdírẹ́sì ilé rẹ̀, àti ẹ̀rí pé ó sanwó. Ẹni tó bá kó gbogbo èyí sí gbangba ti sọ fún olè pé òun ń retí ẹrù, òun sì nìyí nílé. Kò sí ohun tó ní kí ọmọkùnrin kan má gbé páálì òfìfo wá sẹ́nu ọ̀nà lọ́la, kó ní òun wá gba owó ọkọ̀. Òfin ààbò ìsọfúnni aráàlú tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 náà ò fẹ́ kí ọlọ́jà máa tú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ síta.

Kí ló wá yẹ kí wọ́n sọ ní gbangba kí wọ́n tó pè é?

Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Pípè é sí kọ̀rọ̀ kọ́ ni àléébù èsì tí wọ́n fún obìnrin yẹn. Àléébù ibẹ̀ ni pé wọn ò sọ nǹkan kan kí wọ́n tó pè é. Èsì yẹn ṣeé lẹ̀ mọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni: ẹni tí bàtà rẹ̀ ò dé, ẹni tí bàtà rẹ̀ dé lẹ́sẹ̀ kan, ẹni tó paṣẹ bàtà tí wọ́n gbé ìkòkò fún. Ká ní èmi ni mo ń bá wọn kọ ọ́, ohun tí mo máa kọ nìyí:

“Ẹ má bínú, mà. Ọjọ́ mẹ́ta la dá fún yín, ó ti di mẹ́sàn-án, ẹ̀bi wa ni. Ẹrù yín ti dé Ìbàdàn, gáréèjì ló ṣì wà, torí nọ́ńbà tí a kọ sára rẹ̀ kò lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ Message lórí ojú ìwé tí ẹ wà yìí, kí ẹ fi nọ́ńbà tó ń lọ ránṣẹ́. Ẹ má kọ ọ́ síbí. Láago mẹ́rin ọ̀la, a ó padà wá síbí wá sọ ibi tó dé.”

Ẹ wò ó dáadáa. Wọ́n ka ọjọ́ náà lẹ́nu ara wọn, wọn ò sọ pé “ó pẹ́ díẹ̀”. Wọ́n sọ ibi tí ẹrù wà, tí ẹlòmíì tó ń kà á fi lè mọ̀ pé wọ́n ti lọ wádìí rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀nà tí obìnrin náà máa gbà hàn án, èyí tí màá sọ ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀. Wọ́n tún dá àkókò tí wọ́n máa padà wá. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ń sá fún, torí láago mẹ́rin ọ̀la, gbogbo ẹni tó rí i ló máa wá wò ó. Bí wọ́n bá sì padà wá, ìlà kan tó: “Bàtà ti dé ọwọ́ wọn láàárọ̀ yìí.” Wọn ò gbọ́dọ̀ dárúkọ àdúgbò, kí wọ́n má sì sọ iye owó.

Ọlọ́jà ní ẹ̀bi ọlọ́kadà tó ń já ẹrù ni. Ṣé òótọ́ ni?

Ó lè jẹ́ òótọ́, àmọ́ ẹni tó gbowó lọ́wọ́ yín ló máa dá yín lóhùn, àfi tó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ rán ọlọ́kadà lọ gbé e.

Ṣé mo lè kọ̀, kí n ní gbangba náà la ti máa parí ẹ̀?

Ẹ lè kọ̀. Ẹrù ò kàn ní dé ni.

Wọ́n ní àwọn á dá owó mi padà tí mo bá kọ́kọ́ pa ohun tí mo kọ rẹ́. Ṣé kí n pa á?

Rárá o. Ẹ jẹ́ kí owó wọlé ná. Tó bá wọlé, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ẹjọ́ yín pé wọ́n ti dá a padà. Ìyẹn gan-an ṣe ọlọ́jà láǹfààní ju kí ọ̀rọ̀ pòórá lọ.

Ẹ rántí pé ẹni tó ni àwòrán lè pa ohun tí ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀ rẹ́ nígbàkígbà. Nítorí náà, ẹ ya àwòrán ojú fóònù yín kí ẹ tó lọ sí DM, kí ẹ sì máa yà á bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń lọ. Lórí Instagram, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lè fà á padà, ẹ ò sì ní rí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀. WhatsApp a máa fi àmì sílẹ̀ pé wọ́n pa nǹkan rẹ́, àmọ́ tí wọ́n bá ti ṣètò pé kí ọ̀rọ̀ máa pòórá lẹ́yìn wákàtí 24, ìlérí owó yín á bá a lọ.

Bí mo ṣe rojọ́ tán báyìí ni ẹnì kan kọ̀wé sí mi pé aṣojú wọn lòun. Ṣé kí n dá a lóhùn?

Ẹ má dá a lóhùn. Ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ju bàtà tó pẹ́ lọ nìyí. Àwọn gbájúẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé ẹjọ́ oníbàárà ni wọ́n ń kà kiri. Wọ́n á mú àwòrán ilé ìtajà náà, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kan lé, wọ́n á sì ti bẹ̀ yín kí ọlọ́jà gan-an tó jí. (Ìyára yẹn nìkan yẹ kó fu yín lára.) Wọ́n á ní àwọn fẹ́ dá owó padà, kí ẹ kàn fi nọ́ńbà káàdì yín ránṣẹ́, tàbí nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ fóònù yín.

Nọ́ńbà àkáǹtì oní-10, orúkọ báńkì àti orúkọ yín ti tó láti fi owó ránṣẹ́ sí yín. Kò sí ohun tí PIN wá ṣe níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn káàdì. Nọ́ńbà mẹ́fà tí WhatsApp fi ránṣẹ́ sí yín náà, kọ́kọ́rọ́ WhatsApp yín ni. Tí ẹ bá ti sọ ọ́, gbájúẹ̀ náà ni yóò máa yá owó lọ́wọ́ àwọn ẹbí yín lórúkọ yín.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọlọ́jà gan-an ló kọ̀wé sí yín, ẹ ka orúkọ rẹ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wo About this account lórí Instagram, níbi tí wọ́n ń kọ oṣù àti ọdún tí ó dara pọ̀ sí. Ojú ìwé tó ní òun ti ń ta bàtà láti ọdún márùn-ún, tó jẹ́ oṣù tó kọjá ló dé, ẹ ti mọ irú ẹni tó jẹ́. Ọ̀nà tó dájú jù ni pé kí ẹ̀yin fúnra yín padà sí ojú ìwé tí ẹ ti rajà, kí ẹ tẹ Message níbẹ̀. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ sínú èsì òkè yẹn nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá ní DM, wọn ò fèsì mọ́. Ibo ni kí n lọ?

Ẹ kọ ìwé kan ṣoṣo sí wọn, kí ẹ má bú wọn nínú rẹ̀: ọjọ́ tí ẹ sanwó, iye rẹ̀, ohun tí ẹ rà, ohun tí ẹ ń fẹ́ báyìí, àti ọjọ́ tí sùúrù yín máa tán. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, ẹ kó o pẹ̀lú àwọn àwòrán yín lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà. Òfin ọdún 2018 tí wọ́n ń lò sọ pé ẹni tó gbà láti ṣe iṣẹ́ fún oníbàárà gbọ́dọ̀ ṣe é lákòókò, kó sì tètè sọ fún un tí ìdádúró bá wà. Ó tún gbà yín láyè láti kọ ẹrù tí ẹ ò rí àyè yẹ̀ wò tẹ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé e dé, kí ẹ sì gba owó yín.

Bó bá jẹ́ káàdì lẹ fi sanwó, ẹ tètè fi ẹjọ́ sun báńkì yín kí ọjọ́ má baà lọ lórí ẹ̀, wọ́n lè bá yín bèèrè owó náà padà. Bó bá jẹ́ tiránsífà ni, ó le díẹ̀, torí ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín fi owó ránṣẹ́, báńkì kì í sì í sábà fà á yọ nínú àkáǹtì ẹlòmíì láìjẹ́ pé onítọ̀hún gbà tàbí pé ilé ẹjọ́ pàṣẹ.