Lẹ́tà Àyẹ̀wò Réṣíò sí Kọmitì Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù

Lẹ́tà àyẹ̀wò réṣíò ni èyí tí agbani-nímọ̀ràn máa ń kọ sí alága àti kọmitì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lẹ́yìn tó bá ti yẹ ìwé owó wọn wò, tó ti fi iye kan pín òmíràn kó lè mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀, kó tó wá dá àbá. Kì í ṣe odíìtì o.

Ká ní ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ni, owó tí mẹ́ńbà fi pamọ́ jẹ́ mílíọ̀nù 18 náírà, lóònù tó wà níta jẹ́ mílíọ̀nù 20.4 torí wọ́n ti fi owó ṣíà kún un, ohun tó kù ní báńkì ò ju 900,000 lọ.

Ibi tí àríyànjiyàn ti máa ń bẹ́ ni gbèsè tó ti pẹ́. Kọmitì á ní 510,000 péré ni wọn ò rí gbà, ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ló wá burú níbẹ̀? Ṣùgbọ́n owó oṣooṣù tí wọn ò san nìkan ni wọ́n kà. Ẹ wo ìyá aláṣọ kan tó yá 300,000 fún oṣù mẹ́wàá, ó san oṣù méjì, ó wá dákẹ́ fún oṣù méjì, kọmitì á kọ 60,000 sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ 240,000 tó kù lọ́wọ́ ẹ̀ ló wà nínú ewu torí ẹni tí ò san tòní, ta ló mọ̀ bóyá á san tọ̀la. Tí wọ́n bá ka gbogbo irú ẹ̀ tó ti lé ní ọgbọ̀n ọjọ́, ó di mílíọ̀nù 2.55, ìyẹn ìdá 12.5, nígbà tí PEARLS, òdiwọ̀n tí WOCCU, àjọ àgbáyé àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, fi ń wo ìlera owó ẹgbẹ́, ní kó má ju 5 lọ.

Àbá kìíní ni pé kí akápò máa to lóònù bí ó ṣe pẹ́ sí lóṣooṣù, kí wọ́n má sì fún ẹni tó ń jẹ gbèsè ní òmíràn láti fi bo ti tẹ́lẹ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ìwé dà bíi pé ó mọ́ lóṣù Dìsẹ́ńbà.

Ìkejì jẹ mọ́ owó ọwọ́. 900,000 nínú mílíọ̀nù 18 jẹ́ ìdá 5, PEARLS ní ó kéré tán 15, ìyẹn mílíọ̀nù 2.7, kí wọ́n sì ti kó o jọ kí Iléyá tó dé, torí ìgbà tí régbérégbé bá ń dá aṣọ Ojúde Ọba ni gbogbo ènìyàn ń wá owó lẹ́ẹ̀kan náà, àti ẹni tó fẹ́ yá, àti ẹni tó fẹ́ gba tiẹ̀.

Ìkẹta ni èyí tí mẹ́ńbà kì í fẹ́ gbọ́: kí wọ́n má pín gbogbo èrè, òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ Nàìjíríà ní kí ìdá kan nínú mẹ́rin ó kéré tán lọ sí owó ìpamọ́ ẹgbẹ́. Ìyẹn ni wọ́n á fi dí ihò tí lóònù tó bá bọ́ sọnù bá dá sílẹ̀, láìfọwọ́ kan owó ẹnikẹ́ni. Kọmitì ò lè dá èyí ṣe, ìpàdé gbogbogbòò ọdọọdún ló ń fọwọ́ sí bí wọ́n á ṣe pín èrè, torí ẹ̀ ni lẹ́tà fi gbọ́dọ̀ tètè dé.