Ègún ohun àlùmọ́nì

Ègún ohun àlùmọ́nì ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé fún ipò tí orílẹ̀-èdè kan máa ń wà nígbà tí epo rọ̀bì, gáàsì, dáyámọ́ǹdì tàbí bàbà pọ̀ nínú ilẹ̀ rẹ̀, síbẹ̀ tí ọrọ̀ ajé rẹ̀ ń fà sẹ́yìn lẹ́yìn àwọn tí kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Richard Auty ló lo orúkọ yìí ní 1993 tó fi di mímọ̀ káàkiri. Ìwà ìbàjẹ́, ogun, àti ìjọba tí kò ka ará ìlú sí nítorí pé kì í ṣe owó orí wọn ló fi ń jẹun, wà lára ohun tí wọ́n máa ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n apá kan wà tí kò nílò olè tàbí ọ̀lẹ kó tó ṣẹlẹ̀. Òun ni bí owó ọjà kan ṣoṣo ṣe ń pa iṣẹ́ mìíràn run, èyí tí wọ́n ń pè ní àrùn Nẹ́dálándì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nẹ́dálándì

Ní 1959, wọ́n rí gáàsì ní Slochteren, ní agbègbè Groningen, níye tó pọ̀ débi pé díẹ̀ ni ibi tó jù ú lọ lágbàáyé. Nígbà tó yá, wọ́n ń tà á fún àwọn orílẹ̀-èdè tó múlé gbè wọ́n. Owó òkèèrè tó ń wọlé gbọ́dọ̀ di gúlídà, tó jẹ́ owó Nẹ́dálándì nígbà náà, kó tó ṣeé ná nílé. Bí àwọn tó ń wá gúlídà ṣe ń pọ̀ sí i ni gúlídà náà ń wọ́n sí i. Láti 1961 títí di 1971, dọ́là kan ń lọ fún nǹkan bíi gúlídà 3.62. Nígbà tó fi máa di 1980, kò ju nǹkan bíi gúlídà 2 lọ. Kì í ṣe gáàsì nìkan ló fa èyí, nítorí pé dọ́là fúnra rẹ̀ ń rẹlẹ̀ nígbà náà, àmọ́ gáàsì dá kún un.

Ẹ jẹ́ ká wo ilé iṣẹ́ aṣọ kan tó ń ta ọjà rẹ̀ ní 100 dọ́là sí òkè òkun. Tẹ́lẹ̀, gúlídà 362 ló ń wọlé fún un lórí ẹrù kan. Nísinsìnyí, 200 péré ni. Gúlídà ló fi ń san owó oṣù, owó oṣù náà kò sì dínkù. Bó bá fẹ́ rí 362 rẹ̀ gbà padà, àfi kó ta ẹrù náà ní 181 dọ́là, oníbàárà yóò sì gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ ní agbègbè Twente wó lulẹ̀ lákòókò yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ tó dínwó láti òkèèrè náà wà nídìí rẹ̀. Ìwé ìròyìn The Economist ló sọ ìṣòro náà ní àrùn Nẹ́dálándì ní 1977.

Ọ̀nà méjì tí àrùn náà ń gbà wọlé

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé Max Corden àti Peter Neary ṣàlàyé rẹ̀ ní 1982. Ọ̀nà kìíní ni pé ibi ìwakùsà ń san owó tó pọ̀, ó sì ń fa òṣìṣẹ́ kúrò nídìí iṣẹ́ mìíràn. Èyí kì í sábà le, torí pé ẹ̀rọ ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ gáàsì àti epo. Ọ̀nà kejì ló burú jù: ìnáwó. Ìjọba àti ará ìlú ń ná owó tuntun náà lórí ilé kíkọ́, ìtọ́jú aláìsàn, ilé oúnjẹ àti iṣẹ́ mìíràn tí a kò lè kó wọlé láti òkèèrè. Iye wọn ń lọ sókè, owó iṣẹ́ ń tẹ̀ lé e. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ aṣọ gbọ́dọ̀ fi kún owó oṣù kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ má baà fi í sílẹ̀, kò sì lè gbé e ka orí oníbàárà, torí pé ọjà àgbáyé ló ń sọ iye tí aṣọ rẹ̀ yóò lọ.

Ibẹ̀ la ti ń dá àrùn náà mọ̀. Kí ilé iṣẹ́ dínkù nìkan kò tó ẹ̀rí, nítorí pé ó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú ọlọ́rọ̀ tí kò ní epo. Ohun tó yẹ ká wò ni bóyá iye ohun tí a kò lè kó wọlé ń yára gòkè ju ti ohun tí a lè kó wọlé lọ, tí owó ilẹ̀ náà ń lágbára sí i, tí ọjà mìíràn tó ń lọ sí òkè òkun sì ń dínkù.

Kò sẹ́ni tó pinnu láti pa àwọn iṣẹ́ yòókù tì, ìdí sì nìyẹn tó fi ṣòro láti dènà. Bí gáàsì bá tán tàbí tí iye rẹ̀ bá já, owó ilẹ̀ náà lè rẹlẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kì í tipa bẹ́ẹ̀ ṣí. Wọ́n ti ta ẹ̀rọ, àwọn tó mọ iṣẹ́ ti túká, oníbàárà sì ti ní ẹlòmíràn tó ń bá a rajà.

Ohun tí Nọ́wè ṣe

Ní Nọ́wè, wọ́n rí epo ní Ekofisk ní 1969. Òfin tó dá àpò ìfipamọ́ owó epo sílẹ̀ jáde ní 1990, owó àkọ́kọ́ sì wọ inú rẹ̀ ní 1996. Òkè òkun nìkan ni wọ́n ti ń fi owó àpò náà dókòòwò, kí gbogbo rẹ̀ má baà di owó ilẹ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Láti 2001, ìlànà wọn ni kí ìjọba máa ná nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 àpò náà lọ́dún, èyí tí wọ́n retí pé yóò jẹ́ èrè rẹ̀. Ní 2017 wọ́n dín in kù sí 3. Síbẹ̀ wọn kò bọ́ pátápátá. Nígbà tí iye epo já ní 2014, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pèsè ohun èlò fún iṣẹ́ epo dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ dúró.

Àríyànjiyàn lórí bí a ṣe ń wọn ègún náà

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé Jeffrey Sachs àti Andrew Warner rí i ní 1995 pé àwọn orílẹ̀-èdè tí ohun àlùmọ́nì kó ipa tó pọ̀ nínú ọjà wọn kò dàgbà bí àwọn yòókù. Àwọn alátakò wọn sọ pé òṣùwọ̀n yẹn ń tan ni jẹ. Ilẹ̀ tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti kú nítorí ogun tàbí ìjọba burúkú yóò hàn bí ẹni tó gbára lé epo, nígbà tí kò sí ohun mìíràn tó ń tà. Bí a bá wo iye ohun tó wà nínú ilẹ̀ gan-an dípò ìpín rẹ̀ nínú ọjà, ìdí láti sọ pé ó ń fa ìfàsẹ́yìn kò lágbára mọ́.