Gbólóhùn olórin àti gbólóhùn àǹfààní: èwo ló yẹ kí ó wà lára ọṣẹ àfọwọ́ṣe?

Kò sí ọlọ́ṣẹ àfọwọ́ṣe tó fẹ́ tẹ ìwé tí yóò máa lẹ̀ mọ́ ọjà rẹ̀ tí kì í kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé: kí ni kí n kọ sábẹ́ orúkọ ọṣẹ yìí? Àyè tó kù níbẹ̀ kì í ju ìlà kan lọ, nítorí pé orúkọ ọṣẹ, ìwọ̀n rẹ̀, àwọn ohun tí a fi ṣe é, orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é, nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tí a ṣe é àti ọjọ́ tí ìlò rẹ̀ yóò dópin ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé kékeré náà. Orí ìlà kan ṣoṣo yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Ohun méjì ni àwọn ọlọ́jà máa ń kọ síbẹ̀. Èkíní ni gbólóhùn olórin, ìyẹn gbólóhùn kúkurú tí ìró ìparí rẹ̀ bára mu, tó máa ń dùn létí, tí ọmọdé sì lè máa pè káàkiri àdúgbò. Èkejì ni gbólóhùn àǹfààní, èyí tó ń sọ láìfi orin kún un ohun tí ọṣẹ náà yóò ṣe fún ẹni tó bá fi wẹ̀. Èrò mi ni pé ìwé ara ọṣẹ ẹni tí a kò tíì mọ̀ lọ́jà jẹ́ ibùgbé gbólóhùn àǹfààní, nígbà tí ẹnu ẹni tó ń tà á jẹ́ ibùgbé gbólóhùn olórin. Ìdí tí mo fi gbà bẹ́ẹ̀ wà nínú ọ̀nà tí orin inú ọ̀rọ̀ ń gbà ṣiṣẹ́ lára ènìyàn.

Ní ọdún 2000, Matthew McGlone àti Jessica Tofighbakhsh tẹ èsì ìwádìí kan jáde lórí àwọn òwe èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n mú òwe tí ìparí rẹ̀ bára mu, wọ́n sì tún un sọ lọ́nà mìíràn tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò yí padà ṣùgbọ́n tí ìró náà ti tú. Àwọn tí wọ́n kà wọ́n ka èyí tí ìró rẹ̀ bára mu sí òtítọ́ ju èyí tí kò bára mu lọ, bẹ́ẹ̀ ìtumọ̀ kan náà ni méjèèjì ní. Ṣùgbọ́n nígbà tí a sọ fún wọn pé kí wọ́n ya dídùn ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń wí, àǹfààní tí orin ní dín kù. Ohun tí èyí kọ́ ọlọ́ṣẹ ni pé orin a máa mú kí a tètè gba ọ̀rọ̀ gbọ́ nígbà tí a kò bá fara balẹ̀ wò ó. Oníbàárà tó gbé ọṣẹ sọ́wọ́, tó yí i síwá sẹ́yìn, tó sì ń ronú bóyá kí òun náwó lé e, ti fara balẹ̀ ná.

Ọ̀rọ̀ tiwa tún yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Gẹ̀ẹ́sì. Nínú èdè Yorùbá, fáwẹ̀lì tàbí ìró aránmú ni ó ń parí gbogbo sílébù, àwọn fáwẹ̀lì náà kò sì pọ̀. Nítorí náà, kí ọ̀rọ̀ méjì parí pẹ̀lú fáwẹ̀lì kan náà kì í ṣe ohun ńlá, etí kò tilẹ̀ ní kíyè sí i. Ohun tó ń jẹ́ kí ìpolówó Yorùbá wọni létí ni kí ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ bára mu, kí ìwọ̀n apá kìíní àti apá kejì gbólóhùn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ wo gbólóhùn yìí: “Ọṣẹ tó dára fún gbogbo ará.” Lórí ìwé tí a kò fi àmì sí, “dara” àti “ara” jọ ara wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pè é síta, ohùn ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè sí àárín ní ìparí “dára”, ó sì ń gòkè láti àárín ní ìparí “ará”, orin náà sì já. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé oníbàárà tó rí i láìsí àmì lè kà á sí “gbogbo ara”, kí ó rò pé ọṣẹ tí a fi ń wẹ ojú àti ẹsẹ̀ pọ̀ ni a ń sọ, nígbà tí ẹni tó kọ ọ́ ń sọ̀rọ̀ gbogbo mọ̀lẹ́bí. Mo rọ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tẹ gbólóhùn olórin pé kí ó béèrè lọ́wọ́ onítẹ̀wé rẹ̀ kí ó tó sanwó bóyá lẹ́tà tó fẹ́ lò lè gbé àmì ohùn.

Ewu mìíràn wà tí kì í tètè hàn. Ẹni tó ń wá ìró tó bára mu kì í fi bẹ́ẹ̀ wá òtítọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ tó bá ti bọ́ sí i lẹ́nu ni yóò mú. Ká ní ẹnìkan ti kọ “Fi wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan”, tó wá ń wá èyí tí yóò bá “kan” lọ. Kò ní pẹ́ tí yóò fi kọ “kò ní sí àrùn kan”. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ó ti sọ ọṣẹ di oògùn. Ohun ìtọ́jú ara ni NAFDAC ka ọṣẹ ìwẹ̀ sí, kò sì gbọdọ̀ sí ìlérí ìwòsàn lára ohun ìtọ́jú ara. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ lè dí ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́, oníbàárà tí ìléròrò ara rẹ̀ kò sì lọ lẹ́yìn ìwẹ̀ kan yóò padà wá bá a jà lórí àtẹ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọlọ́ṣẹ kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ṣe àpẹẹrẹ. Àdín ni ó ń lò, ó ń fi òrí sí i, láti inú eérú èèpo kòkó tí kò wọ́n ní agbègbè wa ni ó sì ti ń sẹ́ omi eérú rẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ tó kọ ni “Ọṣẹ wa, ọ̀ṣọ́ ara.” Ìlà náà dára lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ gbé e lé ọṣẹ ẹlòmíràn ní Adó, ẹ gbé e lé ọṣẹ ilé iṣẹ́ ńlá, yóò bá gbogbo wọn mu. Ìlà tó bá bá ọṣẹ gbogbo ayé mu kò sọ nǹkan kan nípa tiyín.

Ó wá yí i padà sí “A fi àdín, òrí àti eérú kòkó ṣe é.” Òtítọ́ ni èyí, síbẹ̀ kò tíì di àǹfààní, nítorí pé ohun tó wà nínú ọṣẹ ni ó sọ, kò sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń wẹ̀. Ọ̀nà tó yá jù láti dé ibi àǹfààní ni kí a jẹ́ kí oníbàárà máa béèrè títí tí ìdáhùn yóò fi dé orí ohun tó lè fojú rí lára rẹ̀.

“Màmá, kí ló wà nínú rẹ̀?”

“Òrí wà níbẹ̀.”

“Kí wá ni òrí ń ṣe, mà?”

“Kì í jẹ́ kí ara gbẹ.”

“Ìgbà wo ni ẹ ń sọ?”

“Lásìkò ọyẹ́, tí èèyàn bá wẹ̀ tán tí ara ń funfun.”

Ìdáhùn kẹta yìí ni ó ń wá. Ó kọ ọ́ báyìí: “Ara kì í gbẹ háúháú lẹ́yìn ìwẹ̀, kódà lásìkò ọyẹ́.” Ẹni tó ti rí bí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ ṣe ń funfun bí ẹni fi eérú pa á ní oṣù Kejìlá kò nílò kí ẹnikẹ́ni tún ṣàlàyé fún un.

Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Nígbà tí òróró àti omi eérú bá pàdé, ohun méjì ni ó ń jáde: ọṣẹ fúnra rẹ̀ àti gílísírìn, èyí tó máa ń fa omi mọ́ ara. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá sábà máa ń yọ gílísírìn kúrò láti tà á lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n nínú ọṣẹ àfọwọ́ṣe ó wà níbẹ̀. Òrí tó bá ṣẹ́kù tí kò di ọṣẹ náà ń rọ ara. Ní òdì kejì, àdín ló ń jẹ́ kí ọṣẹ hó dáadáa, ṣùgbọ́n bí òun nìkan bá pọ̀ jù, tàbí bí omi eérú bá ju òróró lọ, ara yóò gbẹ ni. Nítorí náà kí ọlọ́ṣẹ wa tó tẹ ìwé, kí ó dán an wò nínú ọyẹ́: kí ó fi ọṣẹ tirẹ̀ wẹ apá kan, kí ó fi ọṣẹ tí àwọn ènìyàn ń rà lọ́jà wẹ apá kejì, kí ó má fi ìpara kankan pa wọ́n, kí ó sì wò wọ́n lẹ́yìn wákàtí kan. Kí ó ṣe é fún àwọn ènìyàn bíi mélòó kan, kì í ṣe fún ara rẹ̀ nìkan. Bí apá méjèèjì bá funfun bákan náà, àfi kí ó tún ìwọ̀n òrí àti omi eérú rẹ̀ ṣe ná. Ìlà tó wà lára ìwé kò lè ràn án lọ́wọ́.

Lẹ́yìn tí àǹfààní náà bá ti fìdí múlẹ̀ ni gbólóhùn olórin tó lè wúlò, nítorí pé ó ti ní ohun tí yóò gbé. Fún àwọn ọmọ tó ń bá a tajà ní Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì, ó lè ṣe báyìí: “Fi wẹ̀ lówùúrọ̀, kára ó rọ̀.” Ẹ pè é síta. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ó parí “lówùúrọ̀”, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kan náà ni ó sì parí “kára ó rọ̀”, bẹ́ẹ̀ ni rírọ̀ ara, tí í ṣe àǹfààní gan-an, wà nínú orin náà fúnra rẹ̀. Irú èyí kì í pọ̀. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ má fi ipá wá a. Ẹnu ni ó dára fún, nítorí pé ẹni tó ń kọjá lọ kò ní fara balẹ̀ kàwé, ó sì lè gbọ́ ọ nígbà púpọ̀ láàárọ̀ kan ṣoṣo.

Láti mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́, kí ó sọ gbólóhùn méjèèjì fún àwọn tí kò mọ ọṣẹ náà rí, kí ó sì bi wọ́n lọ́jọ́ kejì pé, “Kí ni ọṣẹ yẹn ń ṣe?” Kí ó má bi wọ́n bóyá ó dùn mọ́ wọn, nítorí gbogbo wọn ni yóò sọ pé ó dùn. Bí wọ́n bá rántí orin náà ṣùgbọ́n tí wọn kò lè sọ ohun tí ọṣẹ ń ṣe, orin náà kò tíì ta ọṣẹ.

Ìlà ọyẹ́ náà ní ààlà tirẹ̀. Nígbà tó bá di oṣù Kẹfà, tí òjò ti gba ilẹ̀ kan, kò sí ẹni tí ara gbígbẹ yóò jẹ́ ìṣòro rẹ̀ mọ́, kódà oníbàárà lè máa rò pé ọjà ọdún tó kọjá ni. Nítorí ìdí èyí, ìwé tí a ń lẹ̀ mọ́ ọn ni mo fara mọ́, kì í ṣe páálí tí a tẹ̀ lẹ́gbẹ̀rún: kí ó tẹ ìwọ̀nba tí yóò tó fún ọyẹ́ kan, kí ó sì pa apá tó gbé orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà mọ́ bó ṣe wà, kó lè jẹ́ pé ìlà kan yẹn nìkan ni yóò yí padà nígbà òjò.