Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Èrò Pé Àdàkọ Ìró Ni Àpètúnpè

Obìnrin tí ó ń ta ẹja ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn mọ ẹni tí à ń pè ní pẹjapẹja, ó mọ ohun tí jíjẹ jẹ́, ó sì mọ ohun tí ojoojúmọ́ túmọ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ pé ẹbí kan náà ni ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àpètúnpè ni àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ń pe ọ̀nà tí a gbà ṣẹ̀dá wọn: a mú ọ̀rọ̀ kan, a pe gbogbo rẹ̀ tàbí apá kan rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ọ̀rọ̀ mìíràn sì jáde. Bí ó bá jẹ́ gbogbo rẹ̀, àpètúnpè kíkún ni. Bí ó bá jẹ́ apá kan, àpètúnpè ẹlẹ́bẹ ni. Bí àwọn onímọ̀ ṣe dé orí èrò pé ìró ni a ń dàkọ nínú iṣẹ́ yìí, àti ohun tí èdè Yorùbá rí sọ sí i, ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ.

Fún ìgbà pípẹ́, abẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ni àwọn gírámà Yorùbá máa ń to àpètúnpè sí. Ìbéèrè tí ó jẹ wọ́n lógún ni irú ọ̀rọ̀ tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ àti irú ọ̀rọ̀ tí a rí gbà: a fi ọ̀rọ̀-ìṣe sílẹ̀, a rí ọ̀rọ̀-orúkọ. Ìlànà náà dára, ó sì wúlò fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí ẹnu ń ṣe ní àkókò tí ọ̀rọ̀ tuntun náà ń jáde. Ìyẹn kò hàn kedere àfi ìgbà tí a bá tú ọ̀rọ̀ kan palẹ̀ ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú gbọ́mọgbọ́mọ. Gbólóhùn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni gbé ọmọ. Nígbà tí a bá sọ méjèèjì pọ̀, fáwẹ̀lì é tí ó parí gbé jẹ́ pípajẹ, ìyẹn ni pé a kò pè é mọ́, ṣùgbọ́n ohùn òkè tí ó wà lórí rẹ̀ kò bá a lọ. Ó fò sórí ọ tí ó bẹ̀rẹ̀ ọmọ, a sì rí gbọ́mọ. Ẹ̀yìn èyí ni a tó pe gbogbo rẹ̀ tún: gbọ́mọgbọ́mọ. Bí ó bá jẹ́ pé gbé nìkan ni a pè lẹ́ẹ̀mejì kí a tó so ọmọ mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ tí kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni ni à bá rí. Bákan náà ni pa ẹja ṣe di pẹja kí ó tó di pẹjapẹja, tí pa iná di paná kí ó tó di panápaná, tí wo ilé sì di wolé kí ó tó di woléwolé, orúkọ tí àwọn àgbà Ìbàdàn fi mọ àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tí ń wọ agboolé láti yẹ ìkòkò omi wò. Nínú gbogbo wọn, ohun tí a dàkọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ méjì tí gírámà mọ̀, bí kò ṣe ìró tí ó kù lẹ́yìn tí ìpajẹ ti ṣiṣẹ́ tán, àti ohùn orí rẹ̀ pẹ̀lú. Ní ojú tèmi, àpẹẹrẹ yìí nìkan tó láti mú kí ènìyàn wo àpètúnpè bí ọ̀rọ̀ fonọ́lọ́jì, ìmọ̀ nípa bí èdè ṣe ń lo ìró.

Ọdún 1973 ni onímọ̀ ẹ̀dá-èdè Ronnie Wilbur kọ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí fonọ́lọ́jì àpètúnpè. Ó ṣàkíyèsí pé ní ọ̀pọ̀ èdè, òfin ìró a máa ṣiṣẹ́ ní ibi tí kò yẹ kí ó ti ṣiṣẹ́, tàbí kí ó kọ̀ láti ṣiṣẹ́ ní ibi tí ó yẹ, kí àdàkọ àti ohun tí a dàkọ má baà yàtọ̀ sí ara wọn. Yorùbá ní àpẹẹrẹ kan tí ó bá èyí mu gan-an. Nínú èdè wa, l àti n pín àyè láàárín ara wọn: l ni ó máa ń ṣáájú fáwẹ̀lì tí a kò fi imú pè, n ni ó máa ń ṣáájú èyí tí a fi imú pè. Ìdí nìyí tí ní owó fi ń di lówó nígbà tí í tí a fi imú pè bá ti lọ. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀-ìṣe nà, bí ẹní na ọmọ. Fáwẹ̀lì í tí àpètúnpè ẹlẹ́bẹ máa ń mú wá kì í ní ohùn imú fúnra rẹ̀. A mọ èyí láti ara dídùn àti rírìn, níbi tí ùn àti ìn ti gba imú, tí í tí ó ṣáájú wọn kò sì gbà á. Bí òfin l àti n bá rí àyè ṣe bí ó ti máa ń ṣe, línà ni à bá máa pè. Ṣùgbọ́n nínà ni gbogbo Yorùbá ń pè, imú sì ti ran í náà. Àdàkọ mú n bí ó ti gbọ́ ọ, kò sì padà lọ wádìí bóyá l ni ó yẹ kí ó jẹ́.

Iṣẹ́ tí Alec Marantz gbé jáde ní 1982 ni ó sọ èrò àdàkọ yìí di ìlànà tí a lè fi ọwọ́ tọ́ ka. Ó ní àfòmọ́ kan wà tí ó jẹ́ pé àyè òfìfo ló ní, tí kò ní ìró tirẹ̀. Nígbà tí a bá so ó mọ́ ọ̀rọ̀, a dàkọ ìró ọ̀rọ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a sì fi wọ́n kún àyè òfìfo náà títí tí yóò fi kún. Ó tún ní apá kan àyè náà lè ti ní ìró tirẹ̀ láti ilé wá, tí ìyókù yóò sì dúró de àdàkọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá yóò rí i pé ohun tí jíjẹ jẹ́ gan-an nìyẹn. Àyè méjì ni àfòmọ́ náà ní, ti kọ́ńsónáǹtì àti ti fáwẹ̀lì. Ti fáwẹ̀lì ti ní í pẹ̀lú ohùn òkè. Ti kọ́ńsónáǹtì ni ó ṣófo. Jẹ fún un ní j, a rí jíjẹ. Rà fún un ní r, a rí rírà. Kọ́ fún un ní k, a rí kíkọ́. Ohùn ọ̀rọ̀-ìṣe ì báà jẹ́ ti àárín, ti ìsàlẹ̀ tàbí ti òkè, òkè ni ti í máa ń jẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá gùn, kò yí nǹkan padà: gbàgbé di gbígbàgbé, kàwé di kíkàwé, nítorí àyè kan péré ni ó ṣófo. Gb sì máa ń wọlé lódindi, kò sí ẹni tí ó ń pe gbóná ní bígbóná tàbí gígbóná. Lẹ́tà méjì ni lójú ìwé, ìró kan ni lẹ́nu, ìró ni àdàkọ sì mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Ìbàdàn, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi s rọ́pò ṣ, síse ni ẹni tí ó bá pe ṣe ní se máa ń pe ṣíṣe. Èmi kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pín in sí ṣíse rí.

Kí ni ìdí tí ó fi jẹ́ í, tí kò jẹ́ a tàbí ọ? Yunifásítì Ìbàdàn wọ ìtàn náà níhìn-ín. Ní 1985, Akinbiyi Akinlabi parí iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ níbẹ̀ lórí ohùn Yorùbá, ó sì fi hàn pé ohùn àárín ni ohùn tí kò ní àmì kankan ní ìpìlẹ̀, ìyẹn ni pé òun ni ó máa ń jáde bí a kò bá yan ohùn mìíràn. Ní 1988, Douglas Pulleyblank mú irú èrò bẹ́ẹ̀ wá sórí fáwẹ̀lì, ó ní i ni fáwẹ̀lì tí kò ní àmì tirẹ̀ nínú èdè wa. Ẹ̀rí rẹ̀ wà káàkiri: i ni ó tètè máa ń lọ nígbà ìpajẹ, bí ó ti lọ nínú wolé àti paná, òun náà ni a sábà máa ń kì bọ àárín ìró méjì tí ó ṣòro láti pè pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ àyálò, bí ti gíláàsì àti bíríkì. Nítorí náà, bí àfòmọ́ àpètúnpè kò bá yan fáwẹ̀lì kankan, i ni yóò jáde. Ṣùgbọ́n ohùn òkè orí rẹ̀ kò lè wá lọ́nà kan náà, nítorí àárín ni ohùn tí kò ní àmì. A ní láti gbà pé ohùn òkè náà ni ara àfòmọ́ fúnra rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti tún dùn ni ọdọọdún, oṣooṣù àti òròòru. Ó rọrùn láti rò pé àpètúnpè kíkún ni wọ́n, pé ọdún ọdún ni ó wà nísàlẹ̀, tí ún sì ran mọ́ ọ tí ó tẹ̀ lé e. Ohùn kò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ará òkè bá di aróòkè, fáwẹ̀lì á yí padà sí ó, ṣùgbọ́n ohùn òkè rẹ̀ dúró sí àyè rẹ̀. Bí ọdún ọdún bá gba ọ̀nà yẹn, ọdọ́ọdún ni yóò jáde. Ohun tí a ń pè ni ọdọọdún, pẹ̀lú ohùn àárín mẹ́ta kí ó tó kan ti òkè, èyí tí ó fi hàn pé fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ àti kọ́ńsónáǹtì tí ó tẹ̀ lé e ni a dàkọ, tí a sì pe fáwẹ̀lì náà tún lẹ́yìn wọn, pẹ̀lú ohùn rẹ̀. Nínú òròòru, ohùn ìsàlẹ̀ ò ni ó lọ káàkiri. Ojoojúmọ́ fi òpin sí iyèméjì: ojúmọ́ ní sílébù mẹ́ta, bí ó bá jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ni a pè tún, à bá gbọ́ mọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan péré ni a sì gbọ́ ọ. Àpètúnpè ẹlẹ́bẹ ni, ó kàn yàtọ̀ sí ti jíjẹ ní ti pé ara ọ̀rọ̀ ni ó ti mú fáwẹ̀lì àti ohùn, kì í ṣe láti ara àfòmọ́.

Ọ̀nà náà kò tíì dí títí di òní. Ní gáréèjì Ìwó Road, pípáàkì ọkọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a ń gbọ́ láàárọ̀ lálẹ́, ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò bá sì fẹ́ kí ó pe òun lórí fóònù mọ́, bíbúlọ́ọ̀kì ni yóò rí. Nínú ọ̀rọ̀ kejì yìí, ìró b àti l tí èdè Gẹ̀ẹ́sì pè pọ̀ ti pínyà kí àpètúnpè tó dé bá wọn, gẹ́gẹ́ bí pa ẹja ti di pẹja, b nìkan ni ó sì wọ àyè tí ó ṣófo.